Bùlẹ́ńdà tó dákẹ́ ò tíì kú: bíléèdì tó há, ọwọ́ tútù, àti wáyà tó ti bó

Bùlẹ́ńdà kì í sábà gé èèyàn nígbà tó bá ń pariwo. Ariwo yẹn fúnra ẹ̀ ń lé ọwọ́ sẹ́yìn. Ìgbà tó bá dákẹ́ ló ń gé wọn. Ẹ̀ ń lọ ata lọ, ó dákẹ́ lójijì, ẹ ṣí ọmọrí, ẹ ki ìka tàbí ṣíbí bọ inú jọ́ọ̀gì kẹ́ ẹ tú nǹkan tó há, súìṣì ṣì wà lórí nọ́ńbà 2 níbi tẹ́ ẹ fi sí, ẹ̀yin ò tiẹ̀ rántí ẹ̀ mọ́ torí etí yín ò gbọ́ nǹkan kan.

Mo ń tún bùlẹ́ńdà àti girándà ṣe ní Àbújá níbí, èyí tí mo sì máa ń kọ́kọ́ bi àwọn tó bá gbé e wá ni pé, nígbà tó dákẹ́, kí ló mú un dákẹ́? Ọ̀pọ̀ ò mọ̀. Ó lè jẹ́ Nẹ́pà ló mú iná. Ó lè jẹ́ mọ́tọ̀ ló gbóná jù. Ó lè jẹ́ jọ́ọ̀gì tàbí ọmọrí ni ò jókòó dáadáa, torí àwọn kan ní súìṣì kékeré kan tó fara pamọ́ síbẹ̀ tí kì í jẹ́ kó ṣiṣẹ́ bí kò bá wọlé dáadáa. Ó lè jẹ́ wáyà ló ti já nínú. Ó sì lè jẹ́ bíléèdì ló há. Nínú gbogbo ẹ̀, kò sí èyí tí ò lè padà bẹ̀rẹ̀ sí í yí láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tún tẹ nǹkan kan. Iná á dé, àwọn ọmọ àdúgbò á ti máa pariwo "Ọ́ọ̀pù Nẹ́pà!" kí ẹ tó yọ ọwọ́ jáde. Tí ilé yín bá ní ínfátà, kò tiẹ̀ ní tó ìṣẹ́jú àáyá kan tó fi máa gbà á, iná lọ, iná dé, ẹ̀yin rò pé bùlẹ́ńdà ló bàjẹ́. Wáyà tó ti já nínú náà, ẹ kàn sún bùlẹ́ńdà díẹ̀ ni, ó so pọ̀ padà.

Ti mọ́tọ̀ tó gbóná yẹn ló ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu jù. Nǹkan kékeré kan wà nínú ọ̀pọ̀ bùlẹ́ńdà tó máa ń já iná fúnra ẹ̀ tí mọ́tọ̀ bá ti gbóná kọjá ààlà. Lára àwọn kan bọ́tìnì pupa kékeré kan á yọ jáde lábẹ́ ìdí ẹ̀, ẹ ó tẹ̀ ẹ́ wọlé padà kó tó ṣiṣẹ́, ìyẹn dáa. Ṣùgbọ́n lára àwọn mìíì, tó bá ti tutù tán, á kàn so iná padà fúnra ẹ̀, bóyá lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, bóyá ogún, lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti gbàgbé ẹ̀ sórí kántà. Tí súìṣì bá ṣì wà lórí, á gbéra.

Ìdí nìyẹn tí mi ò fi gba ìdákẹ́jẹ́ gbọ́, mi ò sì gba súìṣì nìkan gbọ́. Ohun kan ṣoṣo tí mo gbà ni púlọ́ọ̀gì tó wà lórí tábìlì níbi tí ojú mi ti ń rí i.

Ẹ kọ́kọ́ mọ irú èyí tẹ́ ẹ ní

Oríṣi méjì ló wà nínú kíṣíìnì wa, ewu wọn ò sì dọ́gba. Àkọ́kọ́ ni bùlẹ́ńdà oní-jọ́ọ̀gì, tí mọ́tọ̀ wà nínú ìdí nísàlẹ̀, tí bíléèdì wà nínú jọ́ọ̀gì. Lábẹ́ jọ́ọ̀gì yẹn róbà tàbí irin kan wà tó ní eyín, àwọn èèyàn ń pè é ní gíà, ó ń wọ inú gíà kejì tó wà lórí ìdí. Tẹ́ ẹ bá ti gbé jọ́ọ̀gì kúrò, gíà méjèèjì ti pínyà, bíléèdì ò lè yí mọ́ bó ti wù kí iná dé tó. Kọ́ọ̀pù kékeré tí wọ́n fi ń lọ ẹ̀gúsí àti edé náà bẹ́ẹ̀ ló rí, tó bá jẹ́ pé ṣe lẹ̀ ń gbé e kúrò lórí ìdí.

Oríṣi kejì ni girándà kékeré tí abọ́ ẹ̀ so mọ́ mọ́tọ̀, tí wọ́n ń lọ yájì, ata gbígbẹ, ata ilẹ̀ gbígbẹ àti kanáfùrù fún kúnú nínú ẹ̀. Ìyẹn ò ní jọ́ọ̀gì tẹ́ ẹ máa gbé kúrò. Bíléèdì ẹ̀ jókòó sórí mọ́tọ̀ ní gbogbo ìgbà, ọmọrí nìkan ló ń tẹ súìṣì ẹ̀. Mo ti rí àwọn tó ń fi orí ṣíbí tẹ ihò súìṣì yẹn kó lè yí láìsí ọmọrí, kí wọ́n lè máa rí bó ṣe ń di lúbúlúbú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Tí ẹ bá ní irú èyí, yíyọ púlọ́ọ̀gì nìkan ni ààbò tẹ́ ẹ ní, kò sí èkejì.

Bíléèdì tó há, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin

Ẹ jẹ́ n fi ti ìyá kan ṣàlàyé, ó ń ta kúnú ayá ní Kubwa. Ó rẹ òfìo mọ́jú, ó kó o sínú jọ́ọ̀gì tó gba lítà kan ààbọ̀ títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kún, ó da omi díẹ̀ sí i, ó wá kó dàbínò lé e lórí. Ó ní òun yọ kóró inú dàbínò, àmọ́ ó ku ọ̀kan. Kóró dàbínò le, ó sì gùn tẹ́ẹ́rẹ́, ó máa ń bọ́ sí ààrin bíléèdì àti ara jọ́ọ̀gì bí ẹni pé ibẹ̀ ni wọ́n dá a sí. Bùlẹ́ńdà kàn ń kùn hùùù, kò yí. Kó tó ṣe nǹkan kan, iná lọ. Ó ṣí ọmọrí, ó fi ṣíbí irin gún un nísàlẹ̀, kóró yẹn sún díẹ̀, iná dé. Ṣíbí tẹ̀ kọrọdọ, ìsàlẹ̀ jọ́ọ̀gì sán, kúnú fọ́n sí ògiri. Ṣíbí ló gba ọwọ́ ẹ̀ là, ká ní ìka ló fi ṣe é ni...

Ohun tó yẹ kó ṣẹlẹ̀ nìyí, ẹ bá mi lọ díẹ̀díẹ̀.

Lọ́gán tẹ́ ẹ bá ti gbọ́ pé ó ń kùn tí kò yí, ẹ dá súìṣì ẹ̀ padà sí 0. Má ṣe jẹ́ kó kùn ju ìṣẹ́jú àáyá méjì mẹ́ta lọ, má sì ṣe máa tẹ̀ ẹ́ tẹ̀ ẹ́ bóyá á já a gbà. Mọ́tọ̀ tí iná wọ̀ tí kò rí àyè yí máa ń fa iná lọ́pọ̀ ìlọ́po ju ìgbà tó ń yí lọ, fáànù tó sì yẹ kó fẹ́ ẹ tutù, orí ọ̀pá kan náà ló wà, òun náà ti dúró. Ìyẹn ló ń fa òórùn iná tẹ́ ẹ máa ń gbọ́. Láàárín ìgbà díẹ̀ mọ́tọ̀ ti jó, tẹ́ ẹ ó wá máa sọ pé ayédèrú ni wọ́n tà fún yín.

Lẹ́yìn náà ẹ nu ọwọ́, ẹ pa súìṣì sọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ wá yọ púlọ́ọ̀gì. Ẹ gbé e sórí kántà níwájú yín. Àwọn kan á ní ṣebí mo ti pa sọ́kẹ́ẹ̀tì, kí ló dé tí mo tún ń yọ ọ́? Méjì ni. Èkíní, ẹlòmíì nínú ilé lè wá tàn án, pàápàá ọmọ tó fẹ́ ṣàájì fóònù. Èkejì, súìṣì inú sọ́kẹ́ẹ̀tì, wáyà kan ṣoṣo ló sábà máa ń já, tí ẹni tó fa wáyà ilé yín bá ti gbé wáyà sí òdì (mo máa ń rí i gan an nínú àwọn ilé tí wọ́n kánjú kọ́), súìṣì á wà ní pípa ṣùgbọ́n iná ṣì dúró nínú bùlẹ́ńdà. Ẹ ò lè fi ojú mọ èyí.

Ẹ wá gbé jọ́ọ̀gì kúrò lórí ìdí. Nísinsìnyí ààbò ti di méjì. Ẹ mú un ní ọwọ́ ẹ̀, ẹ da ohun tó wà nínú ẹ̀ sórí asẹ́ tẹ́ ẹ gbé lé abọ́, lọ́pọ̀ ìgbà kóró ọ̀hún á bá a jáde. Tí kò bá jáde, ẹ fi tọ́ọ̀ṣì fóònù wo ìsàlẹ̀ ẹ̀ láti òkè. Ojú ni kẹ́ ẹ fi wá a, ẹ má ṣe fi ìka tọ́ ọ wò. Bíléèdì tí ò yí mú bó ṣe mú nígbà tó ń yí.

Ibi táwọn èèyàn ò mọ̀ ló kàn yìí, òun ló sì dùn jù. Kò sídìí tí ọwọ́ yín fi máa wọ inú jọ́ọ̀gì rárá. Ẹ da jọ́ọ̀gì dé sórí abọ́, ẹ ká nápíkìn gbígbẹ, ẹ fi di gíà tó wà lábẹ́ ẹ̀ mú, kẹ́ ẹ rọra yí i sọ́tùn-ún díẹ̀, sósì díẹ̀. Bíléèdì inú á máa yí bẹ́ ẹ ṣe ń yí gíà, torí ọ̀pá kan náà ni wọ́n wà lórí. Ohun tó há ń padà sẹ́yìn gba ibi tó gbà wọlé, á sì já bọ́ sínú abọ́. Díẹ̀díẹ̀ ni o, ẹ má ṣe fi agbára yí i sápá kan títí, torí lára àwọn jọ́ọ̀gì kan ṣe ni gíà á tú kúrò lórí ọ̀pá.

Tó bá ṣì ń ṣagídí, ẹ gbé jọ́ọ̀gì dùbúlẹ̀ lórí kántà kẹ́ ẹ fi ìdí orógùn tì í. Tàbí tó bá jẹ́ irú èyí tí ìsàlẹ̀ ẹ̀ ń ṣí, ẹ ṣí i, kẹ́ ẹ di òrùka tó gbé bíléèdì mú, kì í ṣe bíléèdì fúnra ẹ̀. Ẹ ṣọ́ róbà pẹlẹbẹ tó wà níbẹ̀ kó má bá omi lọ sínú síńkì. Ẹ máa gbọ́ ti róbà yẹn láìpẹ́.

Kẹ́ ẹ tó dá nǹkan padà, ẹ yí gíà lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Tó bá ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, ó dáa. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ tó ń họ nǹkan, bíléèdì ti tẹ̀, ó ń kan ara jọ́ọ̀gì, ẹ má lò ó. Ẹ wo ìsàlẹ̀ jọ́ọ̀gì bóyá ó sán. Ẹ wá da omi kọ́ọ̀pù kan sí i, ẹ dé e, ẹ tan án fún ìwọ̀n ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta sí márùn-ún, ẹ pa á, ẹ wo abẹ́ ẹ̀ bóyá ó jò.

Kó má bàa há mọ́, ìyá yẹn ní láti pín òfìo ẹ̀ sí ọ̀nà méjì mẹ́ta. Omi ló ń kọ́kọ́ wọ jọ́ọ̀gì, òfìo tẹ̀ lé e, kò gbọdọ̀ ju ìdajì lọ, omi sì gbọ́dọ̀ bò ó. Dàbínò, ẹ la ọ̀kọ̀ọ̀kan sí méjì lójú ara yín, má ṣe fi ìka tẹ̀ ẹ́ láti ìta pé kò sí kóró níbẹ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́ dúró tẹ̀ ẹ́ dúró ní ìbẹ̀rẹ̀, kí àwọn tó tóbi kọ́kọ́ fọ́, kẹ́ ẹ tó jẹ́ kó máa lọ. Ohun kan náà ni fún ẹ̀wà mọ́ínmọ́ín. Omi tí kò tó ló ń mú kí ẹ̀wà dì mọ́ bíléèdì, tí bíléèdì á máa yí nínú ihò, tí ẹ̀wà òkè ò ní wálẹ̀, tí ẹnì kan á wá ní òun fẹ́ fi orógùn tì í wálẹ̀ nígbà tó ń yí. Ẹ pa á, ẹ yọ púlọ́ọ̀gì, ẹ wá tì í. Ó ń gba àsìkò, mo mọ̀.

Há mìíì tún wà tí kì í ṣe kóró. Ẹ fọ jọ́ọ̀gì, ẹ gbé e pamọ́ ní tútù, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì ẹ gbé e jáde, ó ti lẹ̀. Ẹ̀wà tó gbẹ tàbí ìpẹtà ló di ọ̀pá bíléèdì mú. Ẹ da omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sínú ẹ̀ kó bo bíléèdì, ẹ fi sílẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú, kẹ́ ẹ wá yí gíà bí mo ṣe sọ. Tó bá já a, ó dáa. Tó bá ṣì le, tàbí tẹ́ ẹ bá rí nǹkan dúdú olóròóró bíi gírísì nínú oúnjẹ, róbà tó ń dí ọ̀pá ti kú. Ẹ pààrọ̀ bíléèdì yẹn odindi, ẹ má wulẹ̀ da òróró sí i.

Ìgbà tí iná ò bá lágbára

Èyí kúrú. Lálẹ́, tí gbogbo Mararaba bá tan nǹkan tán, tí gúlóòbù ń pọ́n bí ẹyin iná, ẹ má lọ ẹ̀wà, ẹ má sì lọ òfìo. Mọ́tọ̀ ò ní lágbára láti yí i, á máa lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, á gbóná, á há níbi tí kì bá ti há. Ẹ dúró de àárọ̀, tàbí kẹ́ ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹlẹ́rọ. Bó tiẹ̀ ṣe iná tó dáa, bùlẹ́ńdà ilé kì í ṣe ẹ̀rọ ọjà, ìwé tó bá a wá ló máa sọ bó ṣe lè pẹ́ tó, ọ̀pọ̀ ò ju ìṣẹ́jú kan sí mẹ́ta lọ lẹ́ẹ̀kan kó tó sinmi, kọ́ọ̀pù gbígbẹ kò sì ju bí ìdajì ìṣẹ́jú sí ìṣẹ́jú kan lọ. Ẹ gbé ọwọ́ lé ìdí ẹ̀, tó bá ti gbóná dé bi tí ọwọ́ yín ò gbà á, ó ti tó.

Ọwọ́ tútù

Awọ ara tó gbẹ ló ń dènà iná díẹ̀ fún wa. Tí omi bá ti bá a, pàápàá omi oníyọ̀ tàbí omi tòmátò, ìdènà yẹn lọ sílẹ̀ gan an, iná kan náà tó kàn máa ta yín lọ́wọ́ gbígbẹ lè mú yín nísinsìnyí. Tó bá sì mú, ẹran ọwọ́ á ká mọ́ ohun tó dì mú, kò ní jẹ́ kẹ́ ẹ jù ú sílẹ̀. Tẹ́ ẹ bá tún dúró lórí táìlì tútù láìwọ bàtà, ilẹ̀ ti ṣí ọ̀nà fún un láti ọwọ́ gba àyà dé ẹsẹ̀.

Àwọn èèyàn á ní "ṣebí bréékà wà". Bréékà lásán ò mọ̀ yín rí. Èyí tí wọ́n kọ 20 sí lára ń dúró de iná tó ju ámpíà 20 lọ kó tó já, bẹ́ẹ̀ ìdá díẹ̀ nínú ámpíà kan, bíi 0.03 sí 0.1, tó bá gba àyà kọjá lè da ọkàn rú. Ilé àti wáyà ni bréékà yẹn ń ṣọ́. Èyí tó ń ṣọ́ èèyàn yàtọ̀, ó ní bọ́tìnì kékeré kan tí wọ́n kọ T sí, wọ́n á tún kọ 30mA sí i lára. Ẹ lọ wo bóóòdù yín. Tí kò bá sí níbẹ̀, owó tẹ́ ẹ fẹ́ fi ra bùlẹ́ńdà kejì, ẹ fi ní kí ẹlẹ́tíríṣíànì bá yín fi sí i. Tó bá wà, ẹ máa tẹ T yẹn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ó gbọ́dọ̀ já.

Nínú iṣẹ́ gan an, ètò ló ń gba ọwọ́ tútù lọ́wọ́ ewu. Ẹ gé ata, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ kó o sínú jọ́ọ̀gì, ẹ dé e, ẹ gbé e jókòó sórí ìdí, gbogbo ìyẹn kí púlọ́ọ̀gì tó wọlé. Ẹ wá nu ọwọ́ pẹ̀lú nápíkìn tí ò kan ẹran tí ò kan ata, iṣẹ́ ẹ̀ nìyẹn nìkan. Púlọ́ọ̀gì wọlé, súìṣì ògiri, súìṣì bùlẹ́ńdà. Tẹ́ ẹ bá ṣe tán, ẹ yí i padà: súìṣì bùlẹ́ńdà, súìṣì ògiri, púlọ́ọ̀gì jáde, ẹ jẹ́ kí bíléèdì dúró pátápátá, kẹ́ ẹ tó gbé jọ́ọ̀gì. Ẹ gbé bùlẹ́ńdà jìnnà sí síńkì débi pé tí ọwọ́ yín bá wà nínú omi, ẹ ò ní lè kàn án.

Omi tó ń wọ inú mọ́tọ̀ láti inú jọ́ọ̀gì ló burú ju ti ọwọ́ lọ, torí ẹ ò rí i. Róbà pẹlẹbẹ tí mo ní kẹ́ ẹ ṣọ́ lẹ́ẹ̀kan ló ń dá a dúró. Ẹ dán an wò báyìí: ẹ da omi sínú jọ́ọ̀gì dé ìdajì, ẹ gbé e lé tíṣù gbígbẹ lórí tábìlì, kì í ṣe lórí ìdí, fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Tí tíṣù bá tutù, ẹ ra róbà tuntun, ẹ má lọ nǹkan kan títí tẹ́ ẹ máa fi rí i. Tí omi bá ti dà sórí ìdí nígbà tó ń ṣiṣẹ́, ẹ má gbé e sókè, ẹ má nù ún. Ẹ fi ọwọ́ gbígbẹ pa á ní ògiri, ẹ yọ púlọ́ọ̀gì. Tó bá jẹ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì gan an lomi dé, bóóòdù ńlá ni kẹ́ ẹ lọ pa. Ẹ da ìdí ẹ̀ dé, kó gbẹ ó kéré tán odindi ọjọ́ kan. Omi lásán lè gbẹ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n súgà kúnú àti mílíìkì kì í gbẹ lọ, wọ́n ń dì síbẹ̀ ni, ìyẹn ẹ gbé e wá sọ́dọ̀ ẹni tó máa tú u.

Fífọ ò le. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ dé ìdajì, ọṣẹ díẹ̀, ẹ dé e, ẹ tan án ní ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, ẹ da á nù, ẹ ṣan án. Ohun tí mi ò fẹ́ ni bíléèdì tẹ́ ẹ tú sílẹ̀ tẹ́ ẹ jù sínú omi ọṣẹ, tí ọmọ ọ̀dọ̀ á wá ti ọwọ́ bọ ìfòfó láìrí i.

Wáyà

Ibi méjì ni wáyà bùlẹ́ńdà ti sábà máa ń kú, ẹ̀yìn púlọ́ọ̀gì àti ibi tó ti wọ inú ìdí, torí ibẹ̀ ló ń tẹ̀ jù. Wíwé wáyà mọ́ ìdí pinpin nígbà tó ṣì gbóná ló ń pa ti ibi tó ti wọ ìdí, fífi wáyà fa púlọ́ọ̀gì jáde ló ń pa ti ẹ̀yìn púlọ́ọ̀gì. Eku ló ń jẹ ààrin ẹ̀.

Ẹ yọ púlọ́ọ̀gì o, kẹ́ ẹ wá fi ìka méjì tẹ wáyà láti òpin dé òpin, kẹ́ ẹ máa tẹ̀ ẹ́ síbí sọ́hùn-ún bẹ́ ẹ ṣe ń lọ. Ibi tó rọ̀ ju ibòmíì lọ, irin inú ẹ̀ ti já. Ibi tó le gbagidi, ó ti gbóná jó níbẹ̀ rí. Tí bùlẹ́ńdà bá ń lọ tó ń dákẹ́ bẹ́ ẹ ṣe ń sún wáyà, ìyẹn náà, irin inú ẹ̀ ló ń já tó ń so, iná sì ń ta pàrà nínú ẹ̀ nígbà kọ̀ọ̀kan. Púlọ́ọ̀gì tó gbóná lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan, ìdè inú ẹ̀ ti tú, tàbí sọ́kẹ́ẹ̀tì ló ti lọ.

Téèpù dúdú kì í ṣe oògùn ẹ̀. Gọ́ọ̀mù ara ẹ̀ ń yọ́ tí ooru kíṣíìnì bá mú un, omi ń gba abẹ́ ẹ̀ wọlé, ẹ̀yin á sì máa dì í mú bí ẹni pé ó ti dáa. Náílọ́ọ̀nù tí wọ́n wé mọ́ ọn tún burú ju ìyẹn lọ. Tó bá jẹ́ ààrin wáyà tàbí ibi tó ti wọ ìdí ló bó, odindi wáyà ni ẹ ó pààrọ̀, ẹ gbé e lọ fún ẹni tó máa ṣí ìdí ẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ẹ̀yìn púlọ́ọ̀gì ni, tí wáyà sì gùn tó, ẹ lè gé e kúrò kọjá ibi tó bàjẹ́ kẹ́ ẹ fi púlọ́ọ̀gì tuntun sí i.

Nínú púlọ́ọ̀gì onírin mẹ́ta, ẹ ṣí i, ẹ wá L, ẹ̀gbẹ́ fíùsì ló wà, wáyà àwọ̀ búráùn ló ń lọ síbẹ̀. Búlúù ń lọ sí N. Èyí tó ní yẹ́lò àti gírínì ń lọ sí irin tó gùn jù lókè. Tí wáyà yín bá jẹ́ méjì péré, ẹ wo abẹ́ ìdí bóyá ẹ máa rí àwòrán igun mẹ́rin kékeré nínú igun mẹ́rin ńlá, ìyẹn ni pé wọ́n ṣe é kó má nílò ẹlẹ́ẹ̀kẹta, òkè á ṣófo. Ṣùgbọ́n girándà tí ara ẹ̀ jẹ́ irin tó sì ní wáyà mẹ́ta, ẹ má ṣe gé yẹ́lò-gírínì yẹn jù nù láé, òun ló ń kó iná lọ sílẹ̀ tó bá kan ara irin. Ẹ rí i pé ìbora ìta wáyà ni ìdè púlọ́ọ̀gì dì mú, kì í ṣe àwọn tín-ín-rín inú, kó má sì sí irun irin kankan tó yọ síta. Ẹ fà á wò kẹ́ ẹ tó dé e.

Fíùsì tó bá a wá lọ́jà sábà máa ń jẹ́ 13. Ẹ wo abẹ́ bùlẹ́ńdà, ká ní ó jẹ́ 500 wáàtì, ẹ fi 230 pín in, ó jẹ́ ámpíà 2 àti díẹ̀. Fíùsì 3 tàbí 5 ti tó. Tẹ́ ẹ bá fi 13 síbẹ̀, wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn lè gbóná títí á fi yọ́, fíùsì ò ní tíì mọ̀ pé nǹkan ń ṣẹlẹ̀.

Àwọn tó ra tòkúnbọ̀ náà ńkọ́? Púlọ́ọ̀gì onírin róbótó méjì, tí wọ́n ń fi bírò tàbí ìdí ṣíbí ṣí ihò òkè sọ́kẹ́ẹ̀tì kó lè wọlé. Ihò òkè yẹn fúnra ẹ̀ ò níná tí wọ́n bá fa wáyà ilé dáadáa, àmọ́ kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé wọ́n fà á dáadáa, irin méjì náà ò sì ní jókòó pinpin, á máa ta pàrà. Ẹ gé e, ẹ fi onírin mẹ́ta sí i. Kí ẹ sì ka ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ ẹ̀ kẹ́ ẹ tó ṣe é. Tẹ́ ẹ bá rí 120V 60Hz, ti Amẹ́ríkà ni, sọ́kẹ́ẹ̀tì wa ti pọ̀ jù fún un, á sáré kọjá agbára ẹ̀, á ké, á sì jó, nǹkan á ta jáde nínú jọ́ọ̀gì tí ọmọrí ò bá le. Irú ẹ̀ ò gbọdọ̀ wọ ògiri láìsí tiransífọ́mà tó gbé wáàtì ẹ̀ dáadáa.

Tó bá ti ṣẹlẹ̀

Tí bíléèdì bá gé ọwọ́, ẹ fi omi mímọ́ ṣàn án, ẹ fi aṣọ mímọ́ tẹ̀ ẹ́ gírí fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá láìṣí i wò, ẹ gbé ọwọ́ sókè ju àyà lọ. Kò sí kẹrosíìnì, kò sí ọṣẹ eyín, kò sí ata. Tó bá jìn, tó bá ṣì ń ṣàn lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, tàbí tí ìka ò bá tẹ̀ mọ́, ọsibítù ni, kẹ́ ẹ sì béèrè abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì. Tí orí ìka bá já kúrò, ẹ wé e sínú aṣọ mímọ́ tí ẹ fi omi rẹ díẹ̀, ẹ fi sínú náílọ́ọ̀nù, ẹ so ó, ẹ wá gbé náílọ́ọ̀nù yẹn sórí yìnyín. Ìka ò gbọdọ̀ kan yìnyín fúnra ẹ̀, á jó o.

Tí iná bá mú ẹnì kan, ẹ má fọwọ́ kàn án. Bóóòdù ni kẹ́ ẹ sáré sí. Tí ẹ ò bá mọ ibi tó wà, igi gbígbẹ tàbí àga róbà lẹ máa fi tì í kúrò, kẹ́ ẹ dúró sórí nǹkan gbígbẹ. Ẹ pe 112. Tí kò bá mí, ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ kó fẹ̀yìn lélẹ̀, ẹ kó ọwọ́ méjèèjì lé ààrin àyà ẹ̀, kẹ́ ẹ máa tẹ̀ ẹ́ wọlé tó bíi sẹ̀ǹtímítà márùn-ún, ìgbà 100 sí 120 láàárín ìṣẹ́jú kan, ẹ má dúró títí ìrànlọ́wọ́ á fi dé tàbí tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í mí. Bó bá sì dìde fúnra ẹ̀ tó ní kò ṣe òun ní nǹkan kan, àmọ́ tó dákú fún ìgbà díẹ̀, tàbí àyà ẹ̀ ń lù kìkì, tàbí ojú iná wà lọ́wọ́ ẹ̀, ẹ mú un lọ sọ́sibítù kí wọ́n yẹ ọkàn ẹ̀ wò lọ́jọ́ náà.